Ẹ yé pe agbára òkùnkùn ní àròsọ

Mo tún rí i lónìí. Ẹnìkan kọ ọ́ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ àgbáálá ayé rú àwọn onímọ̀ lójú ni wọ́n sọ àìmọ̀ wọn ní "agbára òkùnkùn", àwọn èèyàn sì ń pín in kiri. Ó ń dùn mí gan-an. Wọn ò fi ẹnu lásán sọ ọ́, wíwọ̀n ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Àwọn tó wọ̀n ọ́n gan-an ń retí òdìkejì rẹ̀.

Ikọ̀ méjì ló ṣe iṣẹ́ náà, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 1998. Saul Perlmutter ló ṣáájú ọ̀kan, Brian Schmidt ṣáájú èkejì, Adam Riess sì wà lára ikọ̀ kejì yìí. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí òòfà, ìyẹn agbára tí ohun gbogbo fi ń fa ara wọn mọ́ra, ṣe ń fa ìgbòòrò àgbáálá ayé sẹ́yìn tó. Irú ìràwọ̀ kan tó ń bú gbàmù ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n: aràrá funfun, òkú ìràwọ̀ tó ti ki pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàmù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí tó bá pẹ́ kó tó ṣá máa ń mọ́lẹ̀ jù, nítorí náà wọ́n máa ń wo ìyẹn, wọ́n á sì tún un ṣírò. Bó bá ti wá ṣe ṣókùnkùn tó lójú wa la fi ń mọ bó ṣe jìnnà tó.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan. Ká ní ìgbòòrò náà ti na ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po 1.5 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyẹn ni pé nígbà tó gbéra, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù márùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n òde òní ni àlàfo tó wà láàárín àwọn agbo ìràwọ̀. Ohun tó gba 20 ọjọ́ lọ́hùn-ún, 30 ọjọ́ la ó fi wò ó níbí. Irú àwọn ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, tí wọ́n sì rí i pé wọ́n fi nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, kódà tí a bá gbà pé ohun tó wà nínú àgbáálá ayé kéré débi pé òòfà rẹ̀ ò tó nǹkan. Kí ló lè fà á? Bí ìgbòòrò náà bá lọ́ra látijọ́ ju bó ṣe rí báyìí lọ, yóò pẹ́ kí ìgbì náà tó nà tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò sì ti rin ọ̀nà tó gùn jù kó tó dé. Àbọ̀ rẹ̀ ni pé eré ìgbòòrò ń pọ̀ sí i. Ohun tó ń mú un pọ̀ sí i ni wọ́n pè ní agbára òkùnkùn.

"Eruku ló bo ìràwọ̀ náà," ni wọ́n máa ń sọ. Eruku a máa gbé ìmọ́lẹ̀ búlúù mì ju pupa lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya ìràwọ̀ náà pẹ̀lú asẹ́ àwọ̀ oríṣiríṣi. Bí eruku kan bá wà tí kì í yí àwọ̀ padà ńkọ́? Yóò jẹ́ pé bí ìràwọ̀ bá ṣe jìnnà tó ni yóò máa ṣókùnkùn sí i tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ awò-ìràwọ̀ Hubble ya SN 1997ff, ọ̀kan lára irú ìràwọ̀ tó ń bú gbàmù yìí, tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ nà tó ìlọ́po 2.7. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán ní 2001, ó mọ́lẹ̀ ju bí eruku ṣe lè gbà á láyè lọ. Láyé ìgbà yẹn, òòfà ṣì ń fa ìgbòòrò náà sẹ́yìn. Eruku wo ló ń bo ti ìtòsí, tó wá ń ṣí ti ọ̀nà jíjìn sílẹ̀?

Ìdí tí eré náà fi yí padà kò ṣòro. Bí àlàfo bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga, ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò fọ́n ká di ìdá kan nínú mẹ́jọ. Agbára òkùnkùn kì í fọ́n ká bẹ́ẹ̀. Ó kéré púpọ̀, ìwọ̀n bí átọ́ọ̀mù háídírójìn mẹ́ta sí mẹ́rin nínú mítà kan níbùú lóròó àti gíga, àmọ́ gbogbo ibi ló wà. Nínú ìṣirò Einstein, ìfúnpá pẹ̀lú ń dá òòfà sílẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta sì ni a ń kà á. Ohun tí kì í dínkù bí àyè ṣe ń gbòòrò, ìfúnpá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òdì, kó sì tó agbára rẹ̀ gan-an: bí a bá pe agbára náà ní 1, ìfúnpá ìlọ́po mẹ́ta yóò jẹ́ 3; ẹ mú 3 kúrò nínú 1, ó ku −2. Òòfà rẹ̀ di títì sẹ́yìn. Ní nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́fà ọdún sẹ́yìn ni títì yìí borí fífà.

Ibi tí àríyànjiyàn gidi wà báyìí, àwọn olùpín-kiri ò tiẹ̀ débẹ̀. Ní 2025, àwọn oníṣẹ́ DESI, ikọ̀ tó ń ya àwòrán ibi tí àwọn agbo ìràwọ̀ wà, tí ẹ̀rọ wọn wà ní Kitt Peak ní Arizona, pa àwòrán àgbáálá ayé tí wọ́n yà pọ̀ mọ́ ti àwọn ìràwọ̀ tó bú gbàmù, ó sì jọ pé agbára òkùnkùn ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Agbára ẹ̀rí náà wà láàárín 2.8 sí 4.2 sígímà, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe ṣòro tó kí irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ èèṣì; ó sinmi lórí àkójọ ìràwọ̀ tí wọ́n bá lò. Márùn-ún ni wọ́n ń bèèrè kí wọ́n tó pè é ní àwárí. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹ̀rọ tó ya ìràwọ̀ ìtòsí kọ́ ló ya ti ọ̀nà jíjìn, àṣìṣe kékeré nínú bí wọ́n ṣe mú wọn dọ́gba sì lè jọ àárẹ̀ yẹn. Bí kì í bá sì í ṣe àṣìṣe, a jẹ́ pé "kì í fọ́n ká" tí mo kọ lókè yìí kò péye mọ́, a ó sì ní láti wá ohun mìíràn tó ń ti àlàfo náà.