Súgà àárọ̀ nìkan kọ́ o

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Kàbà dé Ìsánlú, ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ni pé tí súgà bá ti dáa láàárọ̀ kí èèyàn tó fẹnu kan nǹkan, ó ti parí nìyẹn. Rárá o. Súgà àárọ̀ ń sọ ohun tí ẹ̀dọ̀ yín tú sínú ẹ̀jẹ̀ lóru ni, kò mọ nǹkan kan nípa iyán ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wà tó jẹ́ pé 118 mg/dL ni mítà tó fi ń wọn súgà ẹ̀ ń gbé jáde láràárọ̀, inú ẹ̀ dùn, àfi ìgbà tó lọ ṣe àyẹ̀wò tó ń sọ bí súgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta, HbA1c ni wọ́n ń kọ síwèé ẹ̀, ó wá jẹ́ 8.4%. Ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó má kọjá. 8.4 yẹn túmọ̀ sí pé tẹ́ ẹ bá da tòru tọ̀sán pọ̀ kẹ́ ẹ pín in dọ́gba, súgà ẹ̀ ń lọ sí bí 194. Mítà ò purọ́, ìgbà tó ń wọ̀n ọ́n ni ò jẹ́ kó rí nǹkan. Ó wá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan lẹ́yìn iyán àti ẹ̀gúsí: 246!

Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ò lóyún, 80 sí 130 ni kó wà kẹ́ ẹ tó jẹun, kó má sì dé 180 ní wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Òkèlè àkọ́kọ́ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí yẹn o, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ fọwọ́ tán, torí ẹni tó bá ń tàkúrọ̀sọ nídìí abọ́ lè wọ̀n ọ́n nígbà tó ti ga tán tó ti ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó ti dàgbà gan-an, àti àwọn tí súgà wọn máa ń já wálẹ̀ lójijì, dókítà lè fún wọn láyè jù báyẹn lọ.

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá rí 165 lẹ́yìn oúnjẹ, àyà wọn á já, wọ́n á fi kóró oògùn kan kún un. Kí ló dé? 165 dáa jàre! Tó bá jẹ́ gilibẹnkilamáìdì ni wọ́n ń lò, súgà lè já sísàlẹ̀ 70, kí òógùn máa bò wọ́n, kọ́wọ́ máa gbọ̀n, kí ojú máa ṣú.

Ìyá wa ò fi kún oògùn. Iyán yẹn ló gé sí ìdajì, ó bu ẹ̀fọ́ sí i dáadáa, lẹ́yìn wákàtí méjì ó rí 168, ó kọ méjèèjì síwèé lọ fi han dókítà. Ẹ ṣáà fọwọ́ kẹ́ ẹ tó gún ìka o, omi máńgòrò tó kù lórí ìka lè mú kí mítà gbé nọ́ńbà gíga tí ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ jáde. Tí mítà tiyín bá sì ń gbé nǹkan bíi 6.6 mmol/L, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 18, ó máa sún mọ́ 118 ìyá yẹn náà ni.