Irọ́ Ni Pé Fídíò Ìpolówó Télọ̀ Gbọ́dọ̀ Máa Sáré Láti Ìbẹ̀rẹ̀ Dé Ìparí

Láàrin àwọn télọ̀ wa ní Abuja, láti Kubwa, Nyanya, Karu títí dé ọjà Wuse, ìgbàgbọ́ kan ti rinlẹ̀: àwọn ènìyàn ò ní sùúrù mọ́, nítorí náà kí fídíò ìpolówó ṣáà máa sáré. Ohun tí ìgbàgbọ́ yìí ń bí ni fídíò tí aṣọ 40 ń kọjá nínú rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá 30, tí orin ń dún gbàmùgbàmù, tí nọ́ńbà fóònù mẹ́ta, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù àti orúkọ Instagram sì wá ń já lu ara wọn ní ìparí. Ẹni tó ṣe é á ní òun ti fi gbogbo iṣẹ́ òun hàn. Ẹni tó wò ó ò rí iṣẹ́ kankan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Aṣọ 40 nínú ìṣẹ́jú-àáyá 30 túmọ̀ sí pé aṣọ kọ̀ọ̀kan ò lò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan lójú. Láàrin àkókò yẹn, àwọ̀ ni ojú máa rí, àwọ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ta aṣọ, kì í ṣe ti ẹni tó rán an. Ohun tí télọ̀ ń tà gan-an ni bí kọ́là ṣe jókòó, bí ojúrán ṣe tọ́, bí ìlà aṣọ ṣe pàdé ara wọn níbi tí a ti so ó pọ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ń fẹ́ kí ojú dúró díẹ̀ kó tó rí wọn. Ẹ ò lè fi eré fi wọ́n hàn.

Òótọ́ kan wà nínú ìgbàgbọ́ yẹn ṣá, ìbẹ̀rẹ̀ fídíò ló sì wà. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń fi àtàńpàkò yí fóònù rẹ̀ fi ń pinnu bóyá òun á dúró. Níbẹ̀ ni àìnísùúrù ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti dúró, ohun tó ń lé e lọ ti yàtọ̀: kó má lóye ohun tó ń rí, tàbí kí ẹ má dáhùn ìbéèrè tí ẹ fi dá a dúró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí ìbẹ̀rẹ̀ mú bí ìwọ̀ apẹja, kí àárín rọra, kí ìparí sì dúró gbọn-in.

Ìbẹ̀rẹ̀ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń lọ́ra, àwọn tí wọ́n ń sáré níbi tó kù. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù á kọ́kọ́ yí po lójú fóònù fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, pátákó ẹnu ọ̀nà á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá á kí wa káàárọ̀. Ọmọ Yorùbá ni wá, a mọ̀ pé kíkí ló ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ìkíni yẹn sábẹ́ fídíò. Inú fídíò fúnra rẹ̀, ìṣòro tí oníbàárà mọ̀ dunjú ni kó kọ́kọ́ rí.

Ẹ jẹ́ ká fi kàfùtáànì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Abuja ń wọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Ìṣòro tí àwọn tó ń wọ̀ ọ́ mọ̀ ni kọ́là tó ń wú, tó ń lé róńdó-róńdó lẹ́yìn ìfọ̀ kìíní. Télọ̀ mọ ohun tó fà á: gọ́ọ̀mù tí a fi ń mú kọ́là le ò lẹ̀ mọ́ aṣọ dáadáa, bóyá nítorí pé áyọ́ọ̀nù ò gbóná tó, tàbí pé wọ́n tètè gbé e kúrò. Bí omi bá wọ ibẹ̀, ibi tí kò lẹ̀ á ṣí, á sì wú. Fídíò tó dá lórí nǹkan kan ṣoṣo yìí á ta kàfùtáànì ju èyí tó kó 40 aṣọ jọ lọ. A pín in sí ìṣẹ́jú-àáyá 26.

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́: kọ́là tó ti wú nìkan ló kún ojú fóònù. Àtàńpàkò kan ń tẹ ibi tó wú, ó ń rì wọlé, ó tún ń yọ padà. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ ò ju "Ìfọ̀ kìíní, kọ́là ti wú?" lọ. Aṣọ tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bàjẹ́ fún àpẹẹrẹ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má ya aṣọ tí télọ̀ mìíràn rán. Kò bójú mu, ó sì lè dá ìjà sílẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tó tẹ̀ lé e: ẹ tú kọ́là náà, kí wọ́n rí i bí gọ́ọ̀mù ṣe ń ṣí kúrò lára aṣọ láìsí wàhálà. Ìbéèrè ti wà nílẹ̀ báyìí, ẹni tó ń wò ó sì fẹ́ mọ ìdáhùn.

Ibi tó yẹ kí fídíò rọra nìyí, níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ìbẹ̀rù bà á jẹ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá méje gbáko, láìgé e, ya áyọ́ọ̀nù lórí kọ́là tuntun. Ọwọ́ ò fa áyọ́ọ̀nù síwá sẹ́yìn bí ẹni ń lọ aṣọ. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dúró, ooru díẹ̀ ń yọ létí aṣọ. Ẹ kọ ọ́ sí i pé áyọ́ọ̀nù kì í kúrò níbẹ̀ kí ìṣẹ́jú-àáyá 12 tó pé. Ìdúró yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Bí ẹ bá sọ ọ́ di eré nínú CapCut, bí ẹ bá gé e sí mẹ́rin kó lè bá ìlù orin mu, ẹ ti pa ohun tó yẹ kí wọ́n gbà gbọ́. Tí àwòrán bá yí padà nígbà tí ìṣe tuntun bẹ̀rẹ̀, ojú á gbà á; tó bá yí padà torí pé ìlù dún lásán, ńṣe ló ń tú ọkàn ká.

Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tó tẹ̀ lé e ni ìdánwò: kọ́là náà wọ inú bàsíà omi, wọ́n fún un, ó gbẹ, wọ́n sì na án síwájú yín, kò wú. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta fún ọkùnrin kan tó wọ kàfùtáànì náà, tó yí ọrùn sí ọ̀tún, sí òsì, tí kọ́là sì dúró síbi tó wà. Márùn-ún tó kù jẹ́ ti ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe.

Ohun kan ṣoṣo ni o. Tí ẹ bá ní kó pè yín, kó tẹ̀ lé yín, kó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, kó sì wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò ní ṣe ọ̀kankan. Ìdí mìíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í rántí: nọ́ńbà tí a kọ sínú fídíò, ìka ò lè tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ pè yín ní láti wá bírò, tàbí kó há a sórí, fídíò á sì ti kọjá. Nítorí náà, ibi tí ẹ fẹ́ gbé fídíò sí ló máa pinnu ohun tí ẹ máa ní kó ṣe. Lórí Status WhatsApp, ó lè dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀ láìkúrò níbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìparí ni "Fèsì: KOLA". Lórí Instagram, líǹkì tí ẹ bá kọ sábẹ́ fídíò kì í ṣí. Èyí tó wà lójú ewé orúkọ yín ló ń ṣí. Ìparí ti ibẹ̀ á wá di "Tẹ líǹkì tó wà lójú ewé wa". Ẹ ṣe ìparí méjì fún fídíò kan, kò gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Bí líǹkì náà ṣe rí nìyí, kí ẹ fi nọ́ńbà yín rọ́pò X, láìfi àmì ìròpọ̀ tàbí òdo ìbẹ̀rẹ̀ sí i:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=KOLA
```

Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á bá ara rẹ̀ nínú WhatsApp yín, ọ̀rọ̀ náà á sì ti wà nílẹ̀, kó ṣáà fi ránṣẹ́ ló kù. Ọ̀rọ̀ KOLA yìí tún ń ṣe iṣẹ́ kejì: ẹ máa mọ iye ènìyàn tí fídíò yìí gan-an mú wá. Fún fídíò tó dá lórí bùbá àti ìró, ẹ lo ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ìparí yẹn, ẹ jẹ́ kó dúró lójú kan. Kó má fò, kó má yí po. Láti mọ̀ bóyá ó pẹ́ tó, ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì láìkánjú. Bí fídíò bá tán kí ẹ tó kà á tán lẹ́ẹ̀kejì, ó ti yá jù. Ẹ má sì gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ibẹ̀ ni Instagram ń kó àlàyé àti orúkọ yín lé lórí, ibẹ̀ náà sì ni WhatsApp ń fi ibi ìfèsì sí. Àárín, tàbí díẹ̀ sí òkè àárín, ni ibi tó dára jù.

Ìṣòro kan wà tó ń kọlu àwọn tó bá fẹ́ rọra: tí fídíò bá dúró lójú kan, àléébù iná á hàn. Iná ìjọba wa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ìyípo 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí fóònù bá sì ń ya fídíò ní 60 fps, ìyẹn àwòrán 60 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù, iná lè máa ṣẹ́jú nínú rẹ̀, tí ìlà dúdú á máa gorí aṣọ. Ẹ yí i sí 25 tàbí 50 fps bí fóònù yín bá gbà á. Tí kò bá gbà á, ẹ gbé tábìlì áyọ́ọ̀nù súnmọ́ fèrèsé ní ọ̀sán, kí ẹ pa iná.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fún ẹni tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù yín ní fóònù, ẹ pa ohùn rẹ̀, kó wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń tà, kí ló yàtọ̀ nínú rẹ̀, kí ni wọ́n ní kó ṣe. Tí ìdáhùn kẹta bá ṣòro fún un, ìparí ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Tí ìkejì bá ṣòro, ẹ ti gé áyọ́ọ̀nù yẹn kúrú jù. Lẹ́yìn tó bá ti jáde, Instagram á fi hàn yín ibi tí àwọn tó ń wò ó ti ń kúrò: tí wọ́n bá pọ̀ tó ń kúrò kí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tó pé, kọ́là tó wú yẹn ò tíì kún ojú fóònù tó, tàbí kí ìkíni ti yọ́ wọlé ṣáájú rẹ̀. Tí wọ́n bá wò ó dé òpin, tí KOLA ò sì wọlé, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù mìíràn tẹ líǹkì yẹn wò. Òdo tó yẹ kí ẹ yọ kúrò níwájú nọ́ńbà ló sábà máa ń wà níbẹ̀.