Ìlà Tó Nà Gbalaja Lórí Ṣáàtì Kì í Ṣe Sọ́pọ́ọ̀tì

Ẹnì kan tún ti gbé e jáde: “Ẹ wo ìpín yìí, oṣù kan gbáko ló ti wà ní náírà méjì. Sọ́pọ́ọ̀tì rẹ̀ le bí àpáta. Ẹ rà á.” Sọ́pọ́ọ̀tì ni iye tí wọ́n gbà pé olùrà ń dúró dè, tí ìpín kò fi ní já kọjá rẹ̀. Àwọn èèyàn sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Ọ̀rọ̀ yìí ti tó gẹ́ẹ́. Fún àwọn ìpín kéékèèké tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí olùrà ní ọjà ìpín ìdókòwò wa l'Ékòó, ìyẹn NGX, ìlà tó nà gbalaja kò fi hàn pé olùrà wà níbẹ̀. Ohun tó sábà máa ń fi hàn ni pé ìpín tó yí ọwọ́ kò pọ̀ tó láti yí iye padà.

Òfin kan ló fà á. Láti 2018, tí iye ìpín kan kò bá tó náírà márùn-ún, ó kéré tán 100,000 rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ kí iye tí wọ́n ń kéde tó lè yí padà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, òwò náà wọlé, olùtà gba owó rẹ̀, àmọ́ iye àná ni wọ́n máa tún kéde. Iye tí wọ́n kéde yìí ni ṣáàtì ń yà.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìpín kan tó wà ní ₦2.00. Iye kò gbọdọ̀ fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ lójúmọ́, torí náà àárín ₦1.80 sí ₦2.20 ni òwò ti lè wáyé. Lọ́jọ́ Ajé, ẹnì kan tí owó ń wá lójú méjèèjì ta 30,000 ní ₦1.84. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹlòmíràn ta 45,000 ní ₦1.81. Lọ́jọ́rú, 20,000 lọ ní ₦1.80. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ₦2.00 ni wọ́n kéde. Ẹni tó ń wo ṣáàtì rí àpáta, bẹ́ẹ̀ iye tí àwọn olùrà ń ná an ti já sílẹ̀ tipẹ́. Èyí tó tún burú ni pé, níwọ̀n ìgbà tí iye tí wọ́n kéde kò yẹ̀, olùtà kò lè pè é sí ìsàlẹ̀ ₦1.80, kódà bó bá fẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ rà á ní iye yẹn, ó há nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ọ̀jọ́bọ̀, 150,000 yí ọwọ́ ní ₦1.80. Ìlà fò láti ₦2.00 sí ₦1.80 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti sọ fún alágbàtà rẹ̀ pé kó tà tó bá di ₦1.90 kò rí ₦1.90 kankan. Bí irú òwò bẹ́ẹ̀ bá ń wáyé lójoojúmọ́ ní iye tó kéré jù tí òfin gbà, yóò di ₦1.62, ₦1.46, ₦1.32, ₦1.19. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìpín rẹ̀ sílẹ̀ fún títà ló máa kọ́kọ́ tà, àwọn tó kù á máa wòran.

RSI, nọ́ńbà kan láti òdo dé 100 tó ń wọn bí iye ṣe ń gòkè tàbí já sílẹ̀ tó, ni àwọn tó gbára lé ṣáàtì máa ń fi gbeja ara wọn. Ìṣirò rẹ̀ ń fi ìpíndọ́gba èrè wé ìpíndọ́gba àdánù fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Lọ́jọ́ tí iye kò yẹ̀, òdo ni méjèèjì. Nínú ìlànà Wilder, ẹni tó gbé RSI kalẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ohun èlò ń lò, òdo yìí ń dín ìpíndọ́gba méjèèjì kù bákan náà, torí náà RSI kò ní kúrò lójú kan. Nínú ìlànà tó rọrùn, ọjọ́ kan péré tí iye gòkè láàárín mẹ́tàlá tí kò yẹ̀ á sọ RSI di 100. Kò sí ìròyìn ọjà kankan nínú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.

Bí iye bá ṣàdédé fò sókè lórí ṣáàtì, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. 100,000 ìpín ní ₦2.20 kò ju ₦220,000 lọ. Owó yẹn tó láti ya “iye ti já òrùlé” sórí ṣáàtì, kí ìlà náà sì bọ́ sókè ìpíndọ́gba iye ogún ọjọ́. Ẹni tó ní ìpín tó pọ̀ tó fẹ́ tà lè ṣe é kí ẹ̀yin tí ẹ ń wo ṣáàtì lè wá rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gbà pé lórí àwọn ìpín ńlá bíi MTN tàbí Zenith, ṣáàtì ṣì lè wúlò díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìpín kéékèèké là ń sọ níbí.

Kí ẹ tó rà, ẹ wo ìròyìn òjoojúmọ́ tí ọjà náà ń gbé jáde. Ẹ fi iye ìpín tó yí ọwọ́ pín owó tó wọlé. Lọ́jọ́ Ajé tí a sọ yẹn, ₦55,200 lórí 30,000 fún wa ní ₦1.84, kì í ṣe ₦2.00. Bí èyí bá ń wà nísàlẹ̀ iye tí wọ́n kéde lọ́jọ́ mélòó kan léra, kò sí sọ́pọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ bi alágbàtà yín iye tí wọ́n ń ná an àti iye tí wọ́n ń pè é, àti ìpín mélòó ló wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì ṣírò bí ẹ ó ṣe jáde: bí 40,000 bá ń yí ọwọ́ lójúmọ́, tí ẹ sì ń ta ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kí ẹ má bàa tẹ iye rì, ọgọ́ta ọjọ́ ọjà ni 600,000 máa gbà. Ìyẹn nǹkan bí oṣù mẹ́ta.