A Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀, À Ń Pa Làpálàpá: Ọ̀rọ̀ Atọ̀ àti Agbára Ọkùnrin

Tẹ́ ẹ bá gba Gáréèjì Ọ̀fà kọjá nílùú Ìlọrin, ó ṣòro kẹ́ ẹ má gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó gbé sípíkà sórí mọ́tò, tó ń pariwo pé ẹ̀kán atọ̀ kan tí ọkùnrin bá dà sílẹ̀, ogójì ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ ló bá a lọ, pé ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ń ro yín, tí orúnkún ń gbọ̀n, tí kinní ò dìde mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá gbé ìgò àgbo sókè. Inú bí mi lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe torí pé ó ń tajà o, ohun tí kálukú fi ń jẹun nìyẹn, àmọ́ mo rí ọmọkùnrin kan nínú yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé tó dúró síbẹ̀ tó ń ka owó lọ́wọ́ láti ra tiẹ̀. Ọmọ kékeré! Wọ́n ti jẹ́ kó gbà pé agbára ti ń jò lára òun.

Àwọn àgbà ní a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, làpálàpá ló ń yúnni tó hàn síta, ẹ̀tẹ̀ ló ń jẹ ìka lọ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ làpálàpá náà, ìyẹn atọ̀, torí ẹ̀rù ẹ̀ ti pọ̀ jù láàárín wa. Atọ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kì í ti inú mùdùnmúdùn eegun wá, kò sì sí ibì kankan lẹ́yìn wa tí wọ́n kó o pamọ́ sí bí owó. Inú kórópọ̀n ni wọ́n ti ń ṣe irúgbìn ọmọ lójoojúmọ́, àtìbẹ̀rẹ̀ dé òpin iṣẹ́ náà sì máa ń gbà tó oṣù méjì ó lé díẹ̀, bí ìkan ṣe ń parí ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Omi tó ń gbé e jáde, àwọn ẹṣẹ́ kan tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ló ń ṣe é, omi yẹn ló sì pọ̀ jù nínú ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí. Ohun tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń tó mílílítà 1.5 sí 5, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kún ṣíbí tíì kan. Omi ló pọ̀ jù, ṣúgà díẹ̀, purotéènì díẹ̀, síńkì díẹ̀. Ẹyin sísè kan tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀, purotéènì inú ẹ̀ ju ti atọ̀ tẹ́ ẹ dà lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ. Kí ló wá kù tó máa gba agbára lára géńdé ọkùnrin?

Wọ́n á ní, ó dáa, kí ló dé tí oorun fi máa ń kun èèyàn lẹ́yìn ìbálòpọ̀? Bí ara ṣe ń ṣe nìyẹn, ọpọlọ máa ń tú àwọn nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ara balẹ̀, kinní náà á sì sinmi, fún ọ̀dọ́ ó lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, fún ẹni tó ti lé láàádọ́ta ó lè di ọjọ́ kejì. Ìsinmi ni, kì í ṣe àìsàn. Èyí tó ń jáde lójú àlá náà, tí àwọn Àáfà wa ti kọ́ wa pé kéèyàn ṣáà wẹ ìwẹ̀ jánábà kó máa bá ìrun ẹ̀ lọ, kò sí ìkankan nínú ẹ̀ tó ń bayé ọmọdékùnrin jẹ́. Ọmọ tó ń bàlágà ló máa ń rí i jù. Tẹ́ni kan ò bá sì dà á síta rárá, ara á fọ́ irúgbìn tó ti gbó yẹn, á gbà á padà, á máa ṣe tuntun.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, omi tó dà bí ọyún tó ń jáde láìsí ìbálòpọ̀, tí ìtọ̀ sì ń ta èèyàn, ìyẹn kì í ṣe atọ̀, àtọ̀sí lè ni, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ní ti kí kinní dìde, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni, kò kan pé atọ̀ pọ̀ nílé tàbí kò pọ̀. Ẹ bi ìyá ọmọ èyíkéyìí. Ọmọkùnrin tó ṣì ń mu ọmú, tó bá jí láàárọ̀, okó ẹ̀ á ti le gbagidi, bẹ́ẹ̀ ọmọ yẹn ò tíì ní ẹ̀kán atọ̀ kan lára. Ibẹ̀ nìkan ti tó láti tú ọ̀rọ̀ oní-sípíkà yẹn palẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọpọlọ á ránṣẹ́ gba iṣan, òpó ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú okó á là, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ kún ibi méjì kan tó rọ̀ bíi kànìnkànìn nínú ẹ̀, yóò wá há ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde mọ́lẹ̀. Ó dà bíi táyà, kí atẹ́gùn ráyè wọlé dáadáa, kí fáàfù sì dì í mú. Torí náà ohunkóhun tó bá ba òpó ẹ̀jẹ̀ tàbí iṣan jẹ́, òun ló ba agbára ọkùnrin jẹ́: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ọtí àmujù. Ẹ̀tẹ̀ tí mò ń sọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa tó ń wa mọ́tò Ìlọrin sí Òmù-Àrán, ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́ta. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ó gbà pé ayé ọmọkùnrin òun lòun fi ṣòfò, ó bá kó kúrò ní yàrá ìyàwó, ó ní òun fẹ́ kó atọ̀ jọ fún oṣù bíi mélòó kan kí agbára lè padà. Ìyàwó ń sunkún pé ọkọ òun ti ní ẹlòmíràn níta. Ẹ̀gbọ́n ń mu àgbo láàárọ̀ lálẹ́, torí pé ó korò, ẹlẹ́rìndòdò ló fi ń lé e lọ́fun, ìgò kan láàárọ̀, ìkan lálẹ́. Ìyàwó ló wá pè mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń jí tọ̀ lóru?" Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, nígbà míì márùn-ún. Mo ní òùngbẹ ń kọ́? Ó ní, "Àbúrò, omi tí mò ń mu, bí ẹni pé iná wà nínú mi." Ṣòkòtò tó wọ̀, bẹ́líìtì ti wọ ihò tuntun tó fi ìṣó lu fúnra ẹ̀. Ó ní láàárọ̀ pàápàá kinní ò dìde mọ́, ó ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, ẹ fi sọ́kàn. Ọkùnrin tí tiẹ̀ ń le lójú oorun tàbí nígbà tó bá jí, àmọ́ tó ń rọ̀ tó bá ti dé ọ̀dọ̀ obìnrin, ẹ̀rù ló sábà máa ń jẹ́, wàhálà ọkàn, torí tí àyà bá ń já, ara á há òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ra àgbo kiri, ohun tó ń ṣe wọ́n nìyẹn, ariwo "atọ̀ ẹ ti tán" yẹn gan-an ló sì ń dá ẹ̀rù náà sílẹ̀. Àmọ́ èyí tí kò dìde mọ́ rárá, láàárọ̀, lálẹ́, tó ń lọ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù pípẹ́, ara ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò.

A mú ẹ̀gbọ́n lọ sọ́sibítù. Kò jẹun mọ́jú, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ṣúgà ẹ̀ jẹ́ 202, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò tíì jẹun, tí tiẹ̀ bá ti tó 126, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ti wọlé nìyẹn. Bípì ẹ̀ 160 lórí 100. Ṣúgà tó ti ń jẹ òpó àti iṣan láti ọdún bíi mélòó kan ló ń bá jà, òun ń ṣọ́ atọ̀, ó sì tún ń fi ẹlẹ́rìndòdò bu epo síná lójoojúmọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Dókítà ṣàlàyé fún un níṣojú mi pé òpó ẹ̀jẹ̀ inú okó kéré gan-an, kò ju mílímítà 1 sí 2, ti ọkàn jẹ́ bíi 3 sí 4. Ìdọ̀tí tó ń dí òpó, èyí tó kéré ló máa kọ́kọ́ dí. Nítorí náà kinní tí kò dìde mọ́ lè ṣáájú àìsàn ọkàn pẹ̀lú ọdún bíi 2 sí 5. Ẹ wò ó! Ara fúnra ẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí yín pé ọkàn yín wà nínú ewu, ẹ̀yin ń fi àgbo pa ẹnu oníṣẹ́ dé. Ọkùnrin mélòó ni wọ́n ní ó kàn ṣubú lójijì, tí wọ́n ní ayé ló ṣe é!

Wọ́n fún ẹ̀gbọ́n ní oògùn ṣúgà àti ti bípì, ó jáwọ́ nínú ẹlẹ́rìndòdò, ó dín ẹ̀bà àti àmàlà kù, ó ń fẹsẹ̀ rìn lálẹ́. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ni dókítà yẹ ọkàn ẹ̀ wò tó wá fún un ní oògùn tó ń la òpó. Ó ti padà sí yàrá ìyàwó. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó ti dà bíi ti ọmọ ogún ọdún, ibi tí ṣúgà ti jẹ iṣan jìnnà, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló ń padà, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn pẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ní "àmọ́ àgbo yẹn ṣiṣẹ́ fún mi", mo gbọ́. Àwọn mìíràn tó ń tà á ń lọ sildẹnáfìlì mọ́ ọn láì sọ, oògùn òyìnbó tó ń la òpó yẹn náà ni, àmọ́ ẹ ò mọ iye tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n fún ìrora àyà, tí òun àti sildẹnáfìlì bá pàdé lára ẹ̀, bípì ẹ̀ lè wálẹ̀ débi ikú. Èyí tó bá sì le tí kò rọ̀ lẹ́yìn wákàtí 4, pàápàá fún àwọn tó ní fọ̀níkúfọ̀ládìde, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dàárọ̀, torí ó lè bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ sì ń gbé tírámádọ̀ mì kẹ́ ẹ lè pẹ́ lórí obìnrin, ẹ dẹ́kun ẹ̀! Oògùn náà máa ń fa dídà sẹ́yìn lóòótọ́, tó bá wá di bárakú, ohun tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin nínú ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, gìrì tún lè gbé yín.

Ẹ̀yin bàbá ńkọ́, tẹ́ ẹ lè ra ìgò àgbo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún dé ọdún, tẹ́ ẹ wá ń ní kò sówó àyẹ̀wò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fìyà jẹ ìyàwó nítorí atọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń kó pamọ́, ta lẹ̀ ń kó o pamọ́ dè? Ẹ má jẹun mọ́jú, kẹ́ ẹ lọ wọn ṣúgà, kẹ́ ẹ wọn bípì, kẹ́ ẹ sì fẹnu ara yín sọ fún dókítà pé okó ò le mọ́, àti oògùn gbogbo tẹ́ ẹ̀ ń lò, torí àwọn oògùn bípì kan wà tó lè dín agbára kù tó sì ṣeé pààrọ̀. Tí ìtìjú bá mú yín tẹ́ ẹ ní ẹ̀yìn ló kàn ń ro yín, ẹ̀yìn ríro náà ló máa kọ sínú káàdì, parasítámọ̀ ló máa fún yín, ẹ ó sì máa bọ̀ wálé bẹ́ ẹ ṣe lọ.