Fífi Ìlọ́po Méjì San Gbèsè Kì í Sọ Àkókò Rẹ̀ Di Ìdajì

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa tó kọjá, arákùnrin kan tún dìde, ó sì fi ìdánilójú sọ fún àwọn tó fẹ́ yá owó pé ẹni tó bá sọ iye tó ń san lóṣooṣù di ìlọ́po méjì, ìdajì àkókò ni yóò fi bọ́ nínú gbèsè. Gbogbo ilé mi orí. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe akápò ẹgbẹ́, tí ìwé gbèsè oríṣiríṣi sì ń gba ọwọ́ mi kọjá, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń ṣírò èlé lórí gbèsè tó ṣẹ́ kù, n kò tíì rí èyí tó tẹ̀ lé òfin yẹn rí.

Ohun tó mú wọn gbà á gbọ́ kò ju pé wọ́n mọ pínpín. Wọ́n fi ₦20,000 pín ₦500,000, wọ́n rí oṣù 25. Wọ́n fi ₦40,000 pín in, wọ́n rí oṣù 12 àti ààbọ̀. Ìṣírò náà ì bá tọ̀nà bí ẹni tó yáni lówó kò bá gba èlé. Ó ń gba èlé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ₦500,000 yẹn gan-an, kí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù lórí ohun tó bá ṣẹ́ kù. Èlé oṣù àkọ́kọ́ yóò jẹ́ ₦15,000. Ẹni tó san ₦20,000 lóṣù yẹn, ₦5,000 péré ló kan ojú owó; ìyókù ti bá èlé lọ. Ẹni tó san ₦40,000, èlé kan náà ni wọ́n yọ nínú tirẹ̀, nítorí náà ₦25,000 ló kan ojú owó. Iye tó san jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹnì kejì rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó dín kù nínú gbèsè rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún. Ibí yìí ni òfin arákùnrin wa ti kọ́kọ́ wó.

Ní oṣù kejì, gbèsè ẹni tó ń san ₦20,000 ti di ₦495,000, èlé rẹ̀ sì di ₦14,850, nítorí náà ₦5,150 ló kan ojú owó. Ní oṣù kẹta, ó di ₦5,304 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé iye tó ń kan ojú owó ń fi 1.03 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní oṣooṣù. Ìgbà tí gbogbo ₦20,000 bá lè kan ojú owó láìsí èlé kankan láti yọ ni gbèsè ti tán. Ìbéèrè wa wá di èyí: ìgbà mélòó ni a ó fi 1.03 sọ ₦5,000 di púpọ̀ kí ó tó di ₦20,000, èyí tí í ṣe ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀? Iye ìgbà bẹ́ẹ̀ gan-an ni lọ́gárídímù máa ń sọ fún wa, pínpín lásán kò sì lè sọ ọ́.

```
n = log(A ÷ (A − E)) ÷ log(1 + i)
```

A ni iye tí a ń san lóṣù, E ni èlé oṣù àkọ́kọ́, i ni èlé oṣù kan, tí í ṣe 0.03 níbí, n sì ni iye oṣù. Fún ₦20,000, log 4 jẹ́ 0.60206, log 1.03 sì jẹ́ 0.012837, bí a bá fi èkejì pín èkíní, a ó rí oṣù 46.9. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé yóò san ₦20,000 ní ìgbà 46, yóò sì san nǹkan bí ₦18,017 ní oṣù kẹtàdínláàádọ́ta láti fi parí rẹ̀. Fún ₦40,000, 40,000 ÷ 25,000 jẹ́ 1.6, èyí tó fún wa ní oṣù 15.9. Ìdá mẹ́ta ni ẹ pín àkókò sí, tí ẹ wá mú ẹyọ kan níbẹ̀. Kì í ṣe ìdajì.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ìdajì, ₦30,000 ti tó o, nítorí 30,000 ÷ 15,000 jẹ́ 2, oṣù 23.45 ni yóò sì fi san án tán. Ẹni tó bá sì wá dín in kù sí ₦16,000 nítorí pé ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ₦20,000 kò tó nǹkan lójú rẹ̀, 16,000 ÷ 1,000 jẹ́ 16, àkókò rẹ̀ sì ti di oṣù 93.8, ìlọ́po méjì géérégé. Ẹni tó ń san ₦15,000 kò ní san án tán láéláé. Ìbátan mi kan wà ní irú ipò yìí lọ́dọ̀ ilé ìyánilówó kékeré kan: gbogbo ìwé ẹ̀rí sísan rẹ̀ pé, kò pa oṣù kan jẹ, síbẹ̀ gbèsè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan, nítorí pé iye tó ń san kò fi ibi kan ju èlé lọ. Fọ́múlà yẹn kò fi í pa mọ́ rárá. Bí A kò bá ju E lọ, kò sí lọ́gárídímù tí ẹ lè rí, ẹ̀rọ ìṣírò yóò sì kọ̀ jálẹ̀.

Kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò má ṣe lo tébù olójú mẹ́rin tí a lò nílé ẹ̀kọ́ gíráámà. Ohun tó kọ fún log 1.03 ni 0.0128, gígé tí wọ́n gé e kúrú yẹn sì sọ ìdáhùn di 47.04, bí ẹni pé oṣù kejìdínláàádọ́ta kan wà láti san. Ẹ lo ẹ̀rọ ìṣírò orí fóònù, tàbí kí ẹ tẹ èyí sínú Excel:

```
=NPER(3%,-20000,500000)
```

Àmì ìyọkúrò iwájú 20000 ṣe pàtàkì, nítorí owó tó ń jáde lọ́wọ́ yín ni. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, -18.93 ni yóò gbé jáde, kò sì sí ẹni tó ń fi oṣù tó dín sí òdo san gbèsè.

Arákùnrin wa tún sọ pé bákan náà ni fún ẹni tó ń tọ́jú owó. Ó ṣìnà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n sí òdìkejì. Ẹni tó ń kó ₦20,000 pamọ́ lóṣù kí ó lè ní mílíọ̀nù kan, pẹ̀lú èlé ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, yóò lo oṣù 40.75, bí ó bá ń kó ₦40,000, yóò lo oṣù 22.43, èyí tó ju ìdajì lọ. Àsìkò ló ń bá a bí èlé, ó sì ti gé àsìkò náà kúrú.

Mo gbà pé ibì kan wà tí òfin rẹ̀ ti dúró: bí ayánilówó bá ti ṣírò gbogbo èlé láti ọjọ́ kìíní, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú owó, tó sì ní iye yẹn ni kí ẹ san, ẹ máa pín in bí ẹ ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń gba ₦15,000 kan náà lóṣooṣù lórí ₦500,000 àkọ́kọ́ títí ojú owó yóò fi tán. Lọ́dọ̀ àwọn yẹn, ₦20,000 yóò gba oṣù 100, ₦40,000 yóò sì gba oṣù 20. Kí ẹ tó lè mọ èyí tí tiyín jẹ́, ẹ wo ìlà èkíní àti èkejì nínú ìwé ètò sísan yín: bí èlé méjèèjì bá dọ́gba, fọ́múlà yìí kò bá tiyín mu, bí ti ìlà kejì bá kéré sí ti èkíní, lọ́gárídímù ni kí ẹ lò.