Dáìménṣọ̀n Lè Bára Mu Kí Fọ́múlà Má Tọ̀nà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, àti àwọn olùkọ́ kan pàápàá, ló gbà pé tí dáìménṣọ̀n apá òsì fọ́múlà, ìyẹn irú ohun tó ń wọ̀n, bíi gígùn, màásì tàbí àkókò, bá ti bá ti apá ọ̀tún mu, a ti fi hàn pé fọ́múlà náà tọ̀nà. Mo mọ ibi tí èrò yìí ti ń wá. Ìbéèrè ìdánwò máa ń ní ká yẹ dáìménṣọ̀n fọ́múlà kan wò, akẹ́kọ̀ọ́ á yẹ̀ ẹ́ wò, apá méjèèjì á bára mu, á wá kọ sísàlẹ̀ pé: "Nítorí náà, fọ́múlà yìí tọ̀nà." Wọ́n á fún un ní máàkì, ó parí.

Bẹ́ẹ̀, kò parí síbẹ̀. Tí dáìménṣọ̀n kò bá bára mu, fọ́múlà náà ti kú, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè jí i. Ṣùgbọ́n tó bá bára mu, gbogbo ohun tí a mọ̀ ni pé a kò tíì rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì dà wọ́n pọ̀ yóò gba fọ́múlà tí kò tọ̀nà gbọ́ pẹ̀lú ìdánilójú.

Ẹ jẹ́ ká mú pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, nítorí òkúta kékeré àti òwú ti tó láti fi ṣe é nílé. A so òkúta mọ́ òwú, a gbé e kọ́, a fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, a fi í sílẹ̀, ó ń fì lọ, ó ń fì bọ̀. A fẹ́ mọ àkókò tó ń lò láti fì lọ kó sì fì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ká pe àkókò yìí ní t. Kí ló lè pinnu rẹ̀? Màásì òkúta, m. Gígùn òwú, l. Àti g, ìyẹn bí ilẹ̀ ayé ṣe ń mú kí ohun tó ń já bọ́ máa yára sí i. Gbogbo wa la mọ̀ pé g sún mọ́ 9.8 m/s².

Ní ti dáìménṣọ̀n, lẹ́tà mẹ́ta péré la nílò: M fún màásì, L fún gígùn, T fún àkókò. Torí náà m jẹ́ M, l jẹ́ L, g jẹ́ L/T², t fúnra rẹ̀ sì jẹ́ T. A kò tíì mọ bí wọ́n ṣe so pọ̀, nítorí náà a ó kọ ọ́ báyìí, k sì dúró fún nọ́ńbà lásán tí kò ní dáìménṣọ̀n kankan:

t = k × mᵃ × lᵇ × gᶜ

Ká wo M ná. Apá òsì kò ní M rárá. Ní apá ọ̀tún, m nìkan ló gbé M wọlé, kò sì sí ohun mìíràn níbẹ̀ tó lè pa á rẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni pé kí nọ́ńbà a tó wà lórí m jẹ́ òdo. Ìyẹn ni pé màásì òkúta kò lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òkúta tó wúwo yóò máa fì yára ju èyí tó fúyẹ́ lọ, àmọ́ a ti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ láì tíì gbé òkúta kankan kọ́.

Ó wá ku T. Apá òsì ní T kan. g nìkan ló ní T ní apá ọ̀tún, T² ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí T kan tó lè jáde lókè, c gbọ́dọ̀ jẹ́ −½. L kò sí ní apá òsì, nítorí náà L tó wà nínú l àti èyí tó wà nínú g gbọ́dọ̀ pa ara wọn rẹ́, b á sì jẹ́ ½. Ohun tó jáde ni:

t = k√(l/g)

Èyí wúlò gan-an. Bí a kò tilẹ̀ mọ k, a mọ̀ pé tí a bá gé òwú mítà 1 kù sí sẹ̀ǹtímítà 25, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin, àkókò á já sí ìdajì. Ẹ wọ̀n ọ́n wò. Fún òwú mítà 1, fífì lọ fífì bọ̀ 20 á gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 40. Fún sẹ̀ǹtímítà 25, á gba nǹkan bíi 20. Kí ẹ rí i pé ẹ wọn òwú láti ibi tí ẹ so ó mọ́ títí dé àárín òkúta. Tó bá jẹ́ ẹnu kókó òwú lẹ wọ̀n ọ́n dé, l á kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó sì rò pé fọ́múlà ló ń ṣìnà.

Ibí ni agbára ọ̀nà yìí dé, ibí náà ló sì ti ń tan àwọn èèyàn jẹ. Àkọ́kọ́ ni k yẹn. Kò sí dáìménṣọ̀n tó lè sọ iye rẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá gbà pé k jẹ́ 1 yóò ṣírò √(1/9.8), yóò sì rí nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 0.32. Òkúta gidi tó wà lórí òwú mítà 1 ń lo nǹkan bíi 2.01. Ìyàtọ̀ náà ju ìlọ́po mẹ́fà lọ! Bẹ́ẹ̀, dáìménṣọ̀n àwọn méjèèjì bára mu délẹ̀délẹ̀. k tòótọ́ ni 2π, inú ìṣírò bí òkúta náà ṣe ń rìn tàbí inú ìwọ̀n ni a ti ń rí i. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ 2π√(g/l), dáìménṣọ̀n á mú un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá gbàgbé 2, tó kọ π√(l/g), dáìménṣọ̀n á jẹ́ kó kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bákan náà ni ẹni tó kọ v² = u² + as dípò v² = u² + 2as nínú fọ́múlà ìyára ohun tó ń yára sí i. Kò sí ohun tí dáìménṣọ̀n máa rí wí sí i.

Ìkejì jinlẹ̀ ju ti k lọ. Igun kò ní dáìménṣọ̀n, torí pé gígùn tí a fi pín gígùn ni. Nítorí náà, bí a ṣe fa òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kí á tó fi í sílẹ̀ lè wà nínú k láìjẹ́ pé ọ̀nà yìí rí i. Ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Galileo gbà pé òkúta ń lo àkókò kan náà yálà a fà á jìnnà tàbí a fà á díẹ̀. Christiaan Huygens, tó ṣe aago oní-pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ní ọdún 1656, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Tí a bá fà á ní dìgírì 10, ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí aago ọwọ́ lè mú. Ní dìgírì 60, àkókò fi nǹkan bíi ìdá 7 nínú 100 gùn sí i, fífì 20 tó yẹ kó gba 40 á wá gba nǹkan bíi 43. Ní dìgírì 90, ó fi nǹkan bíi ìdá 18 nínú 100 gùn sí i. 2π√(l/g) tí gbogbo wa há sórí kò tọ̀nà mọ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ dáìménṣọ̀n rẹ̀ kò yí padà rárá.

Ìkẹta ló ń dùn mí jù, torí pé àwọn tó mọ ọ̀nà yìí dáadáa náà ń kó sí i. Gbogbo ohun tí a rí ti inú àwọn ohun tí a kọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ wá. A yọ màásì kúrò nítorí pé kò sí ohun mìíràn tó ní M nínú àwọn tí a kọ. Ká ní bọ́ọ̀lù fífúyẹ́ tí inú rẹ̀ ṣófo la so mọ́ òwú, afẹ́fẹ́ ti di ohun tó yẹ ká kọ. Dẹ́ńsítì afẹ́fẹ́ ní M nínú, á sì lè pa M ti bọ́ọ̀lù rẹ́, màásì á tún padà wọlé. Ọ̀nà náà kò ní kìlọ̀ fún wa pé a gbàgbé nǹkan kan.

Ẹ wá wo ibi tí èyí ti bí fọ́múlà méjì tí dáìménṣọ̀n wọn jọra. A fẹ́ mọ ipá tí òróró tàbí afẹ́fẹ́ fi ń dí bọ́ọ̀lù tó ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ́wọ́. Tí a bá kọ r tó jẹ́ ìdajì ìbú bọ́ọ̀lù, v tó jẹ́ ìyára rẹ̀, àti η tó jẹ́ bí òróró náà ṣe ki tó, dáìménṣọ̀n á fún wa ní èsì kan ṣoṣo: ipá náà ń tẹ̀ lé ηrv. Ẹlòmíràn lè yọ η kúrò, kó fi ρ, dẹ́ńsítì òróró tàbí afẹ́fẹ́, sí ipò rẹ̀. Èsì kan ṣoṣo lòun náà á rí: ρr²v². Ẹ yẹ̀ wọ́n wò, ML/T² ni àwọn méjèèjì, ipá sì nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ sọ pé tí ìyára bá di ìlọ́po méjì, ipá náà á di ìlọ́po méjì. Ti kejì sọ pé ìlọ́po mẹ́rin ni. Kò sí bí àwọn méjèèjì ṣe lè tọ̀nà fún bọ́ọ̀lù kan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn méjèèjì tọ̀nà, níbi tiwọn. Fún bọ́ọ̀lù irin kékeré tó ń rọra rì nínú gílísẹ́rìnì, ti àkọ́kọ́ ló bá a mu, nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ sì ni 6π, bí George Stokes ṣe ṣírò rẹ̀ láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Fún bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tó ń fò ní mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti kejì ni. Ẹni tó bá fi fọ́múlà Stokes ṣírò fún bọ́ọ̀lù yìí á rí ipá tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún nútìnì kan, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fi ipá tó ju nútìnì kan lọ dí i lọ́wọ́.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó yẹ ká lò? A ó kọ ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: r, v, η àti ρ. Nígbà náà, dáìménṣọ̀n kò ní fún wa ní èsì kan ṣoṣo mọ́, àmọ́ á fi nọ́ńbà kan tí kò ní dáìménṣọ̀n hàn wá: ρvr/η. Òun ni nọ́ńbà Reynolds, tí wọ́n fi sọrí Osborne Reynolds. Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń fi ìbú bọ́ọ̀lù ṣe é dípò r, ìlọ́po méjì ni tiwọn á sì jẹ́. Tó bá kéré ju 1 dáadáa, ηrv là ń lò. Tó bá tó ẹgbẹ̀rún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ρr²v² ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ ṣì lè yí padà. Ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ yẹn ju 100,000 lọ. Láàárín méjèèjì, kò sí èyí tó tọ̀nà pérépéré nínú wọn, ìwọ̀n nìkan ni a ó gbára lé.