Pixel Shift nìkan kò tó fún OLED

Àwọn kan máa ń sọ pé: "Ẹ ṣáà ti tan Pixel Shift lórí tẹlifíṣọ̀n OLED yín. Ẹ lè fi ìkànnì ìròyìn kan sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò lè dá àpá sí i."

Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ará. Píksẹ́lì mélòó kan péré ni Pixel Shift fi ń sún àwòrán. Àmì ìkànnì tó wà ní igun ojú tẹlifíṣọ̀n fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Etí àmì náà ló ń ṣípò; àárín rẹ̀ kò kúrò lójú kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yàtọ̀ nìyí: sísún kì í dín gbígbó kù, ó kàn ń pín in ká ni. Ìmọ́lẹ̀ àti iye wákàtí ló ń gbó píksẹ́lì. Lórí LG, ẹ dín OLED Pixel Brightness kù, kí ẹ sì máa yí ìkànnì.

Ẹ má yọ tẹlifíṣọ̀n náà lára iná gbàrà tí ẹ bá pa á (àṣà wa nìyẹn). Lẹ́yìn bíi wákàtí 4 tí a ti lò ó, ìgbà tó bá wà ní pípa lórí iná ló ń tún píksẹ́lì rẹ̀ ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwòrán aláwọ̀ eérú kún ojú rẹ̀ wò. Bí òjìji àmì náà bá ti parẹ́, kì í ṣe àpá. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ ti gbó nìyẹn.